Wọn ò lé mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé: ohun tí mo rí nínú oṣù mẹ́ta láìsí owó oṣù

Ní Sátidé 8 oṣù Keje 2023 tí mo délé láti ibi iṣẹ́, ìyá mi ló kọ́kọ́ bi mí pé "Ṣé wọ́n lé ẹ ni àbí wọ́n ní kó o lọ sinmi?" Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú níbẹ̀. Mo ní "Màámi, wọ́n dá wa dúró ni." Wọ́n ní "Ìdádúró wo nínú ẹ̀?"

Àṣé ìbéèrè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n bá lé èèyàn pátápátá, a máa ní wọ́n dá a dúró, tó bá ṣẹ̀ tí wọ́n ní kó lọ fọ̀sẹ̀ méjì jókòó sílé kó fi kọ́gbọ́n, a máa ní wọ́n dá a dúró, tí ọjà ò bá yá tí ọ̀gá sì ní kí gbogbo yín máa lọ ná títí tí nǹkan á fi dáa, ìdádúró náà la tún máa pè é. Lé-ọ́ọ̀fù náà ò yàtọ̀, bí ẹ bá ti sọ ọ́ ládùúgbò wa, wọ́n á ti máa bá yín kẹ́dùn pé iṣẹ́ ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó tó wà nínú kálukú wọn ò sì dọ́gba. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pàdánù owó tó tọ́ sí i, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni mo wà, ní Ọ̀tà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la sì ń ṣe jù. Èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ kọ́ńpìnnì oníbàárà sára ọ̀rá. Oṣù Kẹta 2017 ni mo wọlé, ọdún 6 ó lé oṣù mẹ́rin ni mo ti lò nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà nídìí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló mọ̀ pé ìgbà òjò kì í dáa, òtútù ń mú èèyàn, kò sẹ́ni tó ń mu báàgì omi bíi ti oṣù Kẹta, a ti mọ ìyẹn mọ́ra, ọdọọdún la máa ń dín ṣíífù kù. Ṣùgbọ́n tọdún 2023 yàtọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan jálá epo ti kúrò nísàlẹ̀ 200 náírà ó ti di nǹkan bíi 500, àwọn tó ń gbé omi kiri bẹ̀rẹ̀ sí í páàkì mọ́tò. Kò pẹ́ sí i, oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 ní báńkì kọjá 700. Horo rọ́bà tá a máa ń yọ́ ṣe ọ̀rá sì rèé, òkè òkun ni tiwa ti ń wá, owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn oníbàárà wa ní àwọn ò lè ra ọ̀rá ní iye tuntun, ọ̀gá náà ní òun ò lè tà á ní iye àtijọ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló dákẹ́ nínú márùn-ún.

Nígbà tá a fẹ́ ṣíwọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni máníjà pe àwa 34 tá a wà ní ẹ̀ka yẹn jọ. Ó ka ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, mo ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà lórí fóònù mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ, pé nítorí bí ọjà ṣe rí, kí a lọ sílé láti ọjọ́ Mọ́ńdè 10 oṣù Keje, kò sí owó oṣù ní gbogbo àkókò náà, a ó pè yín. Ó tán. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa pè wá, kò síbi tí wọ́n ti ní iṣẹ́ wa ti parí, wọn ò sì gba káàdì ìdánimọ̀ tàbí yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé àwọn nǹkan tí wọn ò ṣe yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní Míníísírì Lébọ̀ tìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ lébọ̀ ọ́físà ni wọ́n ṣe jẹun. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo lọ bá wọn. Mo kí wọn tán, mo fi fọ́tò yẹn hàn wọ́n, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò tíì lé ẹ. Má jẹ́ kó o lé ara ẹ."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á fún mi. Wọ́n ní nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lébọ̀ Áàkì, kí ìyọníṣẹ́ tó jẹ́ ìyọníṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní nótíìsì, abala 11 ló sì sọ iye rẹ̀: ẹni tí ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan, ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ti pé ọdún méjì tí ò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tí wọn ò bá fẹ́ kó o ṣiṣẹ́ nótíìsì yẹn, wọ́n á san owó rẹ̀ fún ẹ. Mo ti ń ṣírò nínú mi, owó oṣù mi jẹ́ 65,000, mo ní "Bàbá, àfi kí wọ́n fún mi ní 65,000 nìyẹn tí wọ́n bá lé mi?" Wọ́n ní rárá, òfin yẹn náà sọ pé owó gidi nìkan ni wọ́n máa fi ṣírò, wọ́n ń yọ owó ilé, owó ọkọ̀ àti ófátáìmù kúrò. Owó gidi mi sì jẹ́ 32,000. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáa kéèyàn mọ̀.

Wọ́n ní tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, tí kọ́ńpìnnì fẹ́ dín wọn kù láìní í pè wọ́n padà mọ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní rìdọ́ńdáńsì, abala 20 ni tirẹ̀. Òfin sọ níbẹ̀ pé ohun tó ti lọ pátápátá tí kì í ṣe ìfẹ́ òṣìṣẹ́ ni rìdọ́ńdáńsì. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye èèyàn tó kàn, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ, àyàfi tí ti ọwọ́ ẹni náà bá ta yọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jókòó dúnàádúrà lórí owó tí àwọn tó ń lọ máa gbà.

"Tìẹ wá ńkọ́?" Wọ́n ní tèmi wà ní abala 17, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Òfin ní ojoojúmọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi ara rẹ̀ hàn níbi iṣẹ́ tára rẹ̀ sì le, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un níṣẹ́, tí kò bá fún un níṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ yẹn bíi pé ó ṣiṣẹ́, àyàfi tí àdéhùn yúníọ̀nù àti kọ́ńpìnnì bá sọ nǹkan míì. Wọ́n wá ní ibi tí kọ́ńpìnnì ti ń sá pamọ́ rèé o, tí ohun pàjáwìrì fún ìgbà díẹ̀ tàbí nǹkan tó kọjá agbára ọ̀gá bá jẹ́ kí iṣẹ́ má sí, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ó jẹ́ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tó bá máa jù bẹ́ẹ̀, lébọ̀ ọ́físà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí akọ̀wé ni òfin náà wà fún, àwọn máníjà ò sí nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn tí àwọn bá kọ nígbà tí wọ́n wọlé ni wọ́n máa gbára lé.

Mo bi wọ́n pé ṣé òjò àti dọ́là tó wọ́n kọjá agbára ọ̀gá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀gá á ní ó kọjá agbára òun, ìwọ á ní ọdọọdún ni òjò ń rọ̀, ìyẹn lẹ́jọ́ máa wà lé lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan wà tó jẹ́ pé kò ní í lẹ́jọ́ nínú tí mo bá ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀: òfin ní ẹni tó bá fi ara rẹ̀ hàn. Wọ́n ní "Tó o bá jókòó sílé, ta ló mọ̀ pé o ṣe tán láti ṣiṣẹ́? Lọ sí géètì."

Bí mo ṣe ra ìwé ẹ̀kọ́sásáìsì kan lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Mo pe àwọn tí mo ní nọ́ńbà wọn, àwa mọ́kànlá la kọ́kọ́ lọ. Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè la dé géètì, sìkiọ́rítì ní wọ́n ti sọ fún òun kí òun má jẹ́ ká wọlé, a ní a ò bá a jà. A tẹ́ ìwé yẹn sórí tábìlì rẹ̀, kálukú kọ orúkọ, aago tó dé, ó kọ "mo wá síṣẹ́, kò sí iṣẹ́", ó fọwọ́ sí i. A ní kí sìkiọ́rítì náà bá wa fọwọ́ sí i, ó kọ̀, mi ò dá a lẹ́bi, òun náà ń jẹun. Ká lè ní ẹ̀rí, a ya fọ́tò ara wa níwájú géètì, a fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù kó lè ní déètì. Ojoojúmọ́ la lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tó yá tí owó ọkọ̀ ń dun èèyàn, a sọ ọ́ di ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan, a kọ lẹ́tà kan sí máníjà pé a wà ní sẹpẹ́, ìgbàkígbà tí iṣẹ́ bá wà, a ó wá, nọ́ńbà wa rèé. Ẹni tó bá ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì bu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa. Ìwé pélébé yẹn la gbára lé nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ló dùn mí jù. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti wà níbẹ̀, wọ́n ń gé ọ̀rá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ebi ti ń pa àwọn ọmọ, ẹnì kan sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ tí ò níṣẹ́ lè lọ gba nínú owó péńṣọ̀n tí wọ́n ti ń gé lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Òfin péńṣọ̀n 2014 ní ẹni tí ò tíì pé ẹni 50 ọdún tó kúrò níṣẹ́, bóyá ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni o tàbí wọ́n yọ ọ́, tí kò sì rí iṣẹ́ míì láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó náà, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti kúrò níṣẹ́ wá. Ìwé "a ó pè yín" ò ṣiṣẹ́, torí lójú àwọn wọ̀nyẹn, ẹni tí wọ́n máa pè ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ni Ìyá Ìbejì bá lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ìwé, máníjà ní òun ò lè yọ wọ́n níṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òun á gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó fún wọn ní bíírò àti pépà. Wọ́n kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlà méjì tí wọ́n kọ yẹn. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló yọ wọ́n, nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ sí wọn tàbí owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ rìdọ́ńdáńsì, owó tí yúníọ̀nù bá dúnàádúrà á kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n torí àwọn ni wọ́n kọ̀wé, ọ̀nà ti yí padà, àwọn gan-an ni òfin ní kí wọ́n fún kọ́ńpìnnì ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì, kọ́ńpìnnì sì gé e nínú owó ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n jẹ wọ́n ní oṣù Keje. Owó péńṣọ̀n náà ò jáde lọ́jọ́ náà, oṣù mẹ́rin òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ̀wé ni. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan, wọ́n ní "Ọkọ mi, ìwọ ò ní ìbejì nílé." Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ebi ló kọ̀wé náà.

Èmi náà wá nǹkan ṣe. Mo ń bá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní òpópó Ìdírókò, mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé tí kọ́ńpìnnì bá gbọ́, wọ́n á ní mo ti gba iṣẹ́ míì. Bàbá ní iṣẹ́ ojúmọ́ tí mo lè fi sílẹ̀ nígbàkígbà ò sọ pé mo ti kúrò, àyàfi tó bá wà nínú ìwé àdéhùn mi pé mi ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíì, mo lọ wo ìwé mi, kò sí níbẹ̀. Ohun tó léwu ni kí n lọ gba iṣẹ́ oníwèé níbòmíì, kí kọ́ńpìnnì pè, kí n má lè dé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sá níṣẹ́, gbogbo ọdún 6 á sì dà nù.

Yúníọ̀nù wa kọ lẹ́tà sí Míníísírì Lébọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ìparí oṣù Keje, lébọ̀ ọ́físà pe ìhà méjèèjì ní oṣù Kẹjọ. Mo wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú aṣojú, mo mú ìwé ẹ̀kọ́sásáìsì yẹn dání. Máníjà ṣàlàyé nípa horo rọ́bà àti dọ́là, ó sọ ọ́ dáadáa, kò parọ́, ọjà ò yá lóòótọ́. Lébọ̀ ọ́físà gbọ́ ọ títí, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ta ló fún yín láyè àfikún? Máníjà dákẹ́. Ó tún bi wá pé ṣé a wá síṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Mo gbé ìwé wa fún un. Ó ṣí i ní ojúewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn orúkọ bí ẹni ń ka rẹ́jísítà ilé-ìwé.

Mi ò ní í tàn yín pé a gba gbogbo nǹkan tí òfin sọ. Tá a bá ní ká gbé e lọ sí kóòtù ilé-iṣẹ́, ìyẹn Náṣọ́nà Indọ́sítríà, a lè bèèrè gbogbo owó oṣù láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kọ́ńpìnnì ò lówó, tá a bá fún un lọ́rùn, ó lè ti géètì pa. Ohun tá a fẹnu kò lé ni pé wọ́n á san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọn ò tíì san, wọ́n á san ìlàjì owó gidi fún oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, 16,000 lóṣù fún èmi, ọdún iṣẹ́ wa ò ní í já, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ kan tí wọ́n á pè wá tàbí kí wọ́n ṣe rìdọ́ńdáńsì fún ẹni tí wọn ò bá lè pè, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Mo mọ àwọn tó rò pé a rọ̀ jù. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn níye lórí ju ìlàjì owó yẹn lọ, torí "a ó pè yín" tí ò ní ọjọ́ ló ń jẹ́ kí ìjókòó sílé di ìléníṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀, oṣù á máa gorí oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ á máa bọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́ńpìnnì ò ní í kọ ìwé yọ ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe wá mọ àmì rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá káàdì àti yúnífọ́ọ̀mù padà, tí wọ́n bá gba ẹlòmíì sí ìdí ẹ̀rọ yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, tàbí tí wọ́n bá mú ìwé wá pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní ohunkóhun gbà mọ́ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi mọ́, wọ́n ti lé yín, ẹ bèèrè owó ìléníṣẹ́.

Wọ́n pè wá ní Tọ́sìdeè 28 oṣù Kẹsàn-án, pé ká wọlé ní Túsìdeè 3 oṣù Kẹwàá, ẹni tí ò bá dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á gbà pé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwa 22 ni wọ́n pè. Àwọn 11 tó wọlé kẹ́yìn gba rìdọ́ńdáńsì, yúníọ̀nù jókòó lórí iye rẹ̀. Nínú àwa 22, ọmọkùnrin kan wà tó ti ta fóònù àti láìnì ẹ̀ jẹun, wọn ò rí i pè. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àtan, mo ń bèèrè ilé rẹ̀ títí mo fi bá a níbi tó ti ń fọ mọ́tò. Ó kọ́kọ́ rò pé mo wá sin owó tí ó jẹ mí ni.

Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n wo fáìlì mi. Ọjọ́ tí mo wọlé ṣì ni oṣù Kẹta 2017, wọn ò kọ ọ́ tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lọ tan ẹ̀rọ.